Lẹ́tà àfikún owó ilé fún àwọn ayálégbé mi ní Apẹtẹ: ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi lé wọn lọ́wọ́

Ìyá Apẹtẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Mo ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Apẹtẹ, èyí tí olóògbé ọkọ mi kọ́ sílẹ̀. Fúláàtì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, yàrá méjì àti pálọ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni ayálégbé kọ̀ọ̀kan ti ń san ₦350,000 lọ́dún, n kò sì tíì fi kọ́bọ̀ kún un láti ìgbà náà. Láàárín oṣù mẹ́jọ tó kọjá, mo tún òrùlé ṣe, mo ra ẹ̀rọ tuntun tó ń fa omi láti inú kànga, mo sì pe àwọn tó ń gbọ́n ihò ìgbẹ́. Owó ti tán lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ fi kún owó ilé.

Ọmọ mi ọkùnrin ló bá mi kọ lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ yìí. Nígbà tí mo kà á sókè, ó ṣe mí bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mò ń bá wọn sọ̀rọ̀.

*Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, 2025. Sí gbogbo ayálégbé. A fi àsìkò yìí sọ fún yín pé, nítorí bí nǹkan ṣe rí ní orílẹ̀-èdè wa, owó ilé yín ti di ₦550,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, 2025. Ẹni tí kò bá lè san án, kí ó kó jáde kí ọjọ́ náà tó pé. Onílé.*

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá lẹ́tà yìí tọ́, àti bóyá oṣù méjì tó fún ènìyàn láti múra sílẹ̀.

Ayálégbé Sángo

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, Mọ́mì, nítorí èmi gba irú lẹ́tà yìí lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú rẹ̀: "nítorí bí nǹkan ṣe rí." Abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ti tì í wọlé lóru. Nígbà tí mo jí, ó ti lẹ̀ mọ́ ohun ìnusẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, òjò sì ti mú kí íńkì rẹ̀ ràn débi pé mo ní láti gbé e sí ojú iná kí n tó lè rí iye tó wà níbẹ̀ kà.

Kì í ṣe iye owó náà ló dùn mí jù lọ. Gbólóhùn tó sọ pé kí n kó jáde ni, nítorí ọdún kẹfà tí mo ti ń gbé ibẹ̀ nìyẹn, n kò sì jẹ gbèsè rí. Ayálégbé mẹ́fà ni wá. Àwa méjì tí a kì í jẹ gbèsè ni a kọ́kọ́ wá ilé mìíràn, tí àwọn tó ń jẹ gbèsè sì jókòó síbẹ̀, torí pé kò síbi tí wọ́n fẹ́ gbà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò.

Bàbá Àkóbọ̀

Onílé ni èmi náà, n ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi láì bo ohunkóhun. N kò rí ìdí tí onílé fi gbọ́dọ̀ máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Nígbà tí símẹ́ǹtì gbówó lórí, ẹni tó ń tà á kò kọ lẹ́tà àlàyé sí mi. Mo sanwó, mo gbé e lọ. Fúláàtì yàrá méjì tí ẹni tuntun ń gbà ní agbègbè yín báyìí ti kọjá ₦550,000, nítorí náà iye tí Mọ́mì kọ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ "kó jáde," kí wọ́n sì fún wọn ní oṣù mẹ́ta dípò méjì.

Ọmọ Èkó n'Íbàdàn

Ẹ má ṣe dá a ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta o. Òfin sọ pé oṣù mẹ́fà ni ẹni tó ń san owó ọdún gbọ́dọ̀ gbà. Ó wà nínú Òfin Ilé Gbígbé ti ọdún 2011, òfin kan náà sì fún ayálégbé láǹfààní láti lọ sí ilé-ẹjọ́ bí àfikún náà bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìyá wa bá fún wọn ní lẹ́tà yìí, àwọn ayálégbé náà lè pè wọ́n lẹ́jọ́.

Lọ́yà Iyágankú

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó di ohun tí gbogbo ènìyàn á máa gbé kiri. Ohun méjì ni ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn dà pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí òtítọ́.

Èkíní ni pé òfin ọdún 2011 tí wọ́n tọ́ka sí, ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni. Kò dé Apẹtẹ. Èkejì ni pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ti àfikún owó ilé, ti ìwé kó-jáde ni. Bí ayálégbé bá ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ìwé àdéhùn kò sì dárúkọ iye àkókò mìíràn, oṣù mẹ́fà ni onílé gbọ́dọ̀ fún un kí ó tó lè sọ pé kí ó kó jáde. Lẹ́yìn tí oṣù mẹ́fà náà bá pé tí kò lọ, a óò tún fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé onílé ń lọ sí ilé-ẹjọ́ láti gba ilé rẹ̀ padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Májísíréètì. Kò sí ibì kankan nínú gbogbo èyí tí onílé ti láṣẹ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn tàbí láti ṣí páànù lórí rẹ̀.

Àfikún owó ilé ní ọ̀nà tirẹ̀. Àdéhùn láàárín ẹni méjì ni owó ilé, ẹnì kan kò sì lè dá a yí padà nígbà tí ọdún tí wọ́n ti gbowó rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí gbólóhùn tó sọ pé "owó ilé yín ti di" kò fi lè dúró. Ohun tí onílé lè ṣe ni kí ó sọ pé, nígbà tí ọdún tí ẹ ti san bá parí, iye báyìí ni mo fẹ́ kí a jọ fi tún àdéhùn náà ṣe. Ayálégbé lè gbà, ó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín in kù, ó sì lè kọ̀.

Bí ó bá kọ̀ ńkọ́? Níbí ni mo fẹ́ kí ìyá wa fara balẹ̀ kà dáadáa. Ká sọ pé ẹ fún un ní lẹ́tà nígbà tí ó ku oṣù méjì kí ọdún rẹ̀ parí, tí ó sì kọ̀. Ẹ ó ṣì ní láti fún un ní ìwé kó-jáde oṣù mẹ́fà, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò gbé inú ilé yín fún oṣù mẹ́rin ó kéré tán lẹ́yìn ọdún rẹ̀, àríyànjiyàn sì ni iye tí yóò san fún oṣù mẹ́rin náà. Bí ẹ bá ti kọ lẹ́tà yín nígbà tí ó ku oṣù méje tàbí mẹ́jọ, ẹ ó ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí àyè ìwé kó-jáde ṣì wà nínú ọdún náà. Nítorí náà, kì í ṣe ayálégbé nìkan ni ọjọ́ gígùn ń ṣe láǹfààní.

Ọmọ Èkó n'Íbàdàn

Mo dúpẹ́, Lọ́yà. Èkó ni mo ti gbé ilé fún ọdún mọ́kànlá, mo rò pé ibi gbogbo ni òfin náà ti ń ṣiṣẹ́.

Alámòójútó Ilé Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì. Mo ti ń bá àwọn onílé ṣe àmójútó ilé láti nǹkan bí ogún ọdún. Kí n tó dábàá ohunkóhun, ẹ dá mi lóhùn lórí ohun méjì. Ṣé ọjọ́ kan náà ni ọdún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń parí? Èló sì ni ẹ ná sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan? Ẹ wo inú rìsíìtì, ẹ má fi orí sọ ọ́.

Ìyá Apẹtẹ

Rárá o, ọjọ́ wọn kò bá ara wọn mu. Mo ti wo ìwé rìsíìtì. Fúláàtì kìíní ń parí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún yìí. Fúláàtì kejì ń parí ní ìparí oṣù Kejìlá. Fúláàtì kẹta, èyí tí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ń gbé, ń parí ní ìparí oṣù Kẹwàá. Fúláàtì kẹrin ń parí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2026.

Ní ti owó, òrùlé gba ₦1,200,000, nítorí pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti rà, omi sì ti ń kán sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè débi pé ìyàwó ilé kan máa ń to bàsíà mẹ́ta síbẹ̀ bí òjò bá ṣú. Ẹ̀rọ omi gba ₦240,000. Gbígbọ́n ihò ìgbẹ́ gba ₦80,000, ọdọọdún sì ni a máa ń ṣe é. Kíkun ilé ni n kò tíì ṣe, ṣùgbọ́n akunlé ní ₦600,000 ni òun yóò gbà.

Alámòójútó Ilé Bódìjà

Ẹ ṣeun. Àṣìṣe tó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ ti hàn báyìí: ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ tí ẹ kọ síbẹ̀ bá fúláàtì kìíní nìkan mu. Àwọn mẹ́ta yòókù ti san owó tó kọjá ọjọ́ yẹn. Lẹ́tà mẹ́rin ni ẹ ó kọ, kí olúkúlùkù rí ọjọ́ tirẹ̀ nínú tirẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo owó náà. Ohun tí mo máa ń rí ni pé onílé á kó gbogbo owó tí ó ná lọ́dún kan, á sì fẹ́ gbà á padà lọ́dún kan, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dín owó ilé kù lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ìyẹn ni ayálégbé kì í gbà, òtítọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí iye ọdún tí yóò lò, kí ẹ tún pín in sí mẹ́rin. Bí òrùlé yẹn bá lè lo ọdún mẹ́wàá, ₦120,000 ni lọ́dún, ìyẹn ₦30,000 fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ omi tí a retí pé yóò lo ọdún mẹ́rin jẹ́ ₦60,000 lọ́dún, ₦15,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ihò ìgbẹ́ jẹ́ ₦20,000. Kíkun ilé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún jẹ́ ₦120,000 lọ́dún, ₦30,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦95,000. Ohun tí ẹ lè tọ́ka sí níwájú ẹnikẹ́ni nìyẹn, owó ilé yóò sì di ₦445,000. ₦105,000 tó kù kí ó tó di ₦550,000, kò sí ìdí kankan nínú ìwé yín tó gbé e dúró.

Káfíńtà Mọ́kọ́lá

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé páànù tuntun ni wọ́n fi bo gbogbo ilé ní ₦1,200,000 ni? Owó yẹn kò lè tó fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olófúláàtì mẹ́rin. Ta ló ṣe é? Mo lè wá wò ó.

Ìyá Apẹtẹ

Rárá, ọmọ mi. Apá ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n tú. Wọ́n pààrọ̀ pákó ibẹ̀, wọ́n sì fi páànù tuntun sí i. Iwájú ṣì wà bí ọkọ mi ṣe fi í sílẹ̀.

Káfíńtà Mọ́kọ́lá

Ó ti yé mi báyìí, ẹ má bínú. Mo rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń wá ẹni fún. Ṣùgbọ́n ó kan ìṣirò tí wọ́n ṣe lókè. Bí pákó tuntun náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n kùn ní oògùn kòkòrò, tí páànù náà sì jẹ́ alumíníọ̀mù tí kò fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 0.45 lọ, ọdún mẹ́wàá kò pọ̀ fún un, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ ni kí wọ́n máa wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí ibẹ̀ ni omi yóò ti kọ́kọ́ wọlé. Bí apá iwájú bá sì ti pẹ́ tó bí wọ́n ṣe sọ, kò ní pẹ́ tí òun náà yóò béèrè owó tirẹ̀.

Bàbá Àkóbọ̀

Mo ka ìṣirò Alámòójútó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbà pé ó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan sílẹ̀. ₦350,000 ti ọdún 2022 kò lè ra ohun tí ó rà nígbà náà mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n sì jẹ́ kí náírà máa wá ipò tirẹ̀ lójú ọjà ní oṣù tó tẹ̀lé e, gbogbo ohun tí opó yìí ń rà lọ́jà ti yí padà. Ìṣirò yín ń tọ́jú ilé, kò tọ́jú onílé. Ṣé òun kò ní jẹun ni?

Alámòójútó Ilé Bódìjà

Òótọ́ ni Bàbá sọ, n kò sì ní jà á níyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má fi ìyẹn pamọ́ sábẹ́ òrùlé. Bí Mọ́mì bá fẹ́ fi nǹkan kún un fún ara wọn, kí wọ́n kọ ọ́ pé ti àwọn ni. Ayálégbé máa ń bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ ju àwáwí lọ, nítorí òun náà ń lọ sí ọjà kan náà. Èwo ni ó tó, ìyẹn wà lọ́wọ́ wọn.

Ayálégbé Sángo

Mo fara mọ́ èyí gidigidi. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sí mi pé òrùlé gba iye báyìí, pé onílé sì fẹ́ iye báyìí fún oúnjẹ rẹ̀, èmi ì bá ti jókòó láti ṣe ìṣirò tèmi náà. Ẹ rántí pé ₦70,000 lóṣù ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn yóò ná ju ìdajì owó ọdún rẹ̀ sórí ₦470,000 tàbí ₦500,000. Kò sí àlàyé tó lè sọ iye tí kò sí di èyí tó wà, ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà lè jẹ́ kí ènìyàn dá àjọ.

Ìyá Apẹtẹ

Mo ti rò ó. ₦470,000 ni mo fẹ́ fi sí i, nítorí pé mo fi ₦25,000 kún ₦95,000 fún oúnjẹ àti oògùn tèmi. Ìbéèrè mi tó kù ni fúláàtì kìíní. Ọjọ́ tirẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí ó san ₦350,000 fún ọdún kan sí i ni?

Alámòójútó Ilé Bódìjà

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọlá ni yóò sì jẹ́. Ọ̀nà mìíràn tí mo ti lò tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pín ọdún náà sí méjì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 sí ìparí oṣù Kìíní ọdún 2026, kí ó san ìdajì owó àtijọ́, ìyẹn ₦175,000. Oṣù mẹ́fà tó kù, kí ó san ìdajì tuntun, ìyẹn ₦235,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦410,000 fún ọdún yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni yóò tó san ₦470,000 pé. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà yóò rí oṣù mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbà kí iye tuntun tó kàn án.

Lọ́yà Iyágankú

Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ bí ẹ ó ṣe kọ ọ́. Ẹ má kọ rìsíìtì oṣù mẹ́fà mẹ́fà méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ayálégbé olóṣù mẹ́fà ni ó ti dà. Ẹ kọ ₦410,000 gẹ́gẹ́ bí owó ilé ọdún kan, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí.

Ohun mìíràn tó ń kó onílé sí wàhálà ni pé, lẹ́yìn tí ó ti fúnni ní lẹ́tà, ayálégbé á lọ sí báǹkì, á san iye àtijọ́ sínú àpò rẹ̀, onílé á sì kọ rìsíìtì ọdún kan fún un láìrò ó. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, rìsíìtì yẹn ni yóò sọ pé ẹ ti tún ọdún náà ṣe ní iye àtijọ́. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wọlé, ẹ pè é lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ jọ sọ ọ́ kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ìyá Apẹtẹ

Mo ti tún un kọ fúnra mi. Èyí ni ti fúláàtì kẹta.

*Apẹtẹ, Ìbàdàn. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, 2025.*

*Sí Bàbá Olùkọ́, Fúláàtì Kẹta.*

*Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ilé. Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi tó yín létí pé, nígbà tí ọdún tí ẹ ti san owó rẹ̀ bá parí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, 2025, mo fẹ́ kí a tún àdéhùn wa ṣe ní ₦470,000 lọ́dún, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, 2025. Iye tí ẹ ti san tẹ́lẹ̀ kò yí padà títí di ọjọ́ náà.*

*₦120,000 ni àfikún náà. ₦30,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ìpín yín lọ́dún nínú òrùlé ẹ̀yìn tí a tún ṣe, ₦15,000 jẹ́ ti ẹ̀rọ omi, ₦20,000 jẹ́ ti gbígbọ́n ihò ìgbẹ́, ₦30,000 sì jẹ́ ti kíkun ilé, èyí tí a óò ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. ₦25,000 tó kù jẹ́ ti èmi onílé, nítorí owó ilé yìí ni mo fi ń jẹun. Rìsíìtì àwọn iṣẹ́ tí a ti ṣe wà lọ́wọ́ mi, ẹ lè wò wọ́n nígbàkúùgbà.*

*Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lésì kí oṣù Kẹjọ tó parí. Bí iye náà bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ wá kí a jókòó sọ ọ́. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ìwé kó-jáde. Èmi ni tiyín, Ìyá Onílé.*

Lọ́yà Iyágankú

Mo fọwọ́ sí i. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín fún un, kí ó sì buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á. Bí kò bá fẹ́ buwọ́ lù ú, ẹ mú ẹnì kan tó dàgbà dání tí yóò jẹ́rìí. Ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kí ìyẹn má dípò ìwé.

Bàbá Àkóbọ̀

Ibi tí ẹ kọ "kíkun ilé, èyí tí a óò ṣe" ń kọ mí lóminú, Mọ́mì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí owó kò sí, ìwé yín ni wọn yóò gbé wá bá yín.

Ìyá Apẹtẹ

Mo mọ̀, Bàbá, ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn. Ó ku ọ̀rọ̀ fúláàtì kẹrin. Ó ṣì jẹ mí ní ₦100,000 nínú owó ọdún tó ń lọ lọ́wọ́. Ṣé kí n kọ gbèsè náà mọ́ lẹ́tà yìí?

Alámòójútó Ilé Bódìjà

Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan náà, kí ó lè rí gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Lọ́yà Iyágankú

Èmi kò ní dá a lábàá. Gbèsè jẹ́ ohun tí ó ti gbà láti san, àfikún sì jẹ́ ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a sọ. Bí wọ́n bá wà nínú ìwé kan, yóò máa fi àríyànjiyàn èkejì dá sísan èkíní dúró. Lẹ́tà méjì, ọjọ́ méjì.

Alámòójútó Ilé Bódìjà

Ẹ̀yin ń wo ilé-ẹjọ́, èmi ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó gba lẹ́tà méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan máa ń rò pé wọ́n ti gbógun tì í. Kí Mọ́mì mú èyí tó bá ọkàn wọn mu.

Ìyá Apẹtẹ

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti fún àwọn mẹ́ta níwèé, wọ́n sì ti buwọ́ lù ú. Ti fúláàtì kẹrin ṣì wà nínú àpò mi. Bàbá Olùkọ́ gba tiwọn, wọ́n kà á lójú mi, wọ́n sì ní kí n kó rìsíìtì òrùlé wá ní ọjọ́ Sátidé, mo sì ti fi wọ́n sínú àpòòwé. Ẹni tó wà ní fúláàtì kìíní ti gbà láti san ₦410,000, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè san án lẹ́ẹ̀kan: ₦250,000 ní oṣù Kẹjọ, ₦160,000 ní oṣù Kọkànlá. Ṣé èyí kò ní ba ọdún rẹ̀ jẹ́, Lọ́yà?

Lọ́yà Iyágankú

Kò ní bà á jẹ́, Mọ́mì. Ẹ kọ sórí rìsíìtì àkọ́kọ́ pé: "₦250,000, apá kìíní nínú ₦410,000 owó ilé ọdún kan, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, 2025 dé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje, 2026, ó ku ₦160,000, tí yóò san kí oṣù Kọkànlá, 2025 tó parí." Kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú.